Ímeèlì Àkọ́kọ́ sí Ẹni Tí A Fẹ́ Bá Dá Òwò Àjọni Sílẹ̀

Òwò àjọni ni òwò tí ilé-iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ dá sílẹ̀, tí oníkálukú mú nǹkan wá sí, tí wọ́n sì jọ ń pín èrè àti àdánù rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ gáàsì tó wà ní Bonny, NLNG, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Nínú ìpín ọgọ́rùn-ún, NNPC ló ni 49, Shell ló ni 25.6, TotalEnergies ló ni 15, Eni ló sì ni 10.4. Bí ọdún bá dára, gbogbo wọn ló jẹ ẹ́. Bí kò bá dára, kò sí èyí tó lè sọ pé ọjà lásán lòun rà. Ẹni tó ra àpò gààrì kan lọ́jà kò ní ohun tó ń ṣe pẹ̀lú ìwà ẹni tó tà á fún un lẹ́yìn tó ti sanwó. Ẹni tó bá fẹ́ kí àpò owó òun àti ti ẹlòmíràn di ọ̀kan, dandan ni kó mọ irú ẹni tí ẹlòmíràn náà jẹ́.

Nítorí náà, kò sí ilé-iṣẹ́ gidi tó máa torí ímeèlì kan ṣoṣo gbà láti bá àjèjì dá òwò sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ímeèlì àkọ́kọ́ wá ṣe kéré gan-an: kí ẹni tó gbà á gbà láti ṣe ohun kékeré kan, tí kò ná an lówó, tí kò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ ló ń kùnà nítorí pé ẹni tó kọ wọ́n gbé gbogbo ẹrù lé orí lẹ́tà kan.

Àpẹẹrẹ tó mú ọ̀rọ̀ yìí yéni ni ti oníṣòwò ẹ̀lùbọ́ kan tó wà ní Ṣakí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ra iṣu, kó bọ̀ ọ́ ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́, kó rẹ ẹ́, kó sá a di gbodo, kó sì lọ̀ ọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ni iṣẹ́ náà máa ń gbóná, nítorí pé ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí gbodo tètè gbẹ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń kó oúnjẹ ilẹ̀ wa wọlé, tó sì ń pín in fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Peckham àti àgbègbè rẹ̀. Oníṣòwò Ṣakí rò ó pé bí òun bá ń kó ẹ̀lùbọ́ ránṣẹ́ nínú àpò ńlá, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ń dì í sí àpò kéékèèké ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ orúkọ kan tí àwọn méjèèjì jọ ni, èrè tó wà níbẹ̀ lè pọ̀ ju ti ẹni tó kàn ń ta ọjà fún akójàwọlé lọ. Wọn kò mọ ara wọn rí.

Kó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kó mọ ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí. Ìjọba Bìrìtìkó tú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Láti 2015 ni Companies House ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó wà ní Ṣakí lè tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà síbẹ̀, kó rí ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ àwọn olùdarí rẹ̀, ibi tí wọ́n fi ṣe àdírẹ́sì, àti ìṣirò owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ `Active`, ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá kọ `Active proposal to strike off`, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti ń gbèrò láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kò sì sí ìdí láti máa fi òwò àjọni lọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ìṣirò owó bá ti pẹ́ jù kó tó wọlé, wọ́n máa ń kọ `overdue` síbẹ̀. Lóòótọ́, ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ kékeré ń fi ránṣẹ́ kì í sọ púpọ̀. Èèyàn kò lè rí iye ọjà tí wọ́n tà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí gbèsè tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ó ti rí ohun tó tó.

Ohun kejì tó yẹ kó mọ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba. Ara àpò ẹ̀lùbọ́ fúnra rẹ̀ ló wà. Ní Bìrìtìkó, òfin ní kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí wọ́n ń ta ọjà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ tàbí ẹni tó kó o wọlé wà lára àpò oúnjẹ. Ìbátan kan tó wà ní Peckham lè wọ ṣọ́ọ̀bù, kó ya fọ́tò ẹ̀yìn àpò náà, kó fi ránṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni oníṣòwò náà yóò ti mọ̀ bóyá ní Nàìjíríà ni wọ́n ti dì í wá tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dì í, àti bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní orúkọ ọjà tirẹ̀ tàbí orúkọ ẹlòmíràn ló ń tà. Fọ́tò kan ṣoṣo yẹn máa ń fún ímeèlì ní gbólóhùn àkọ́kọ́ tó dára ju ojú ewé ìyìn mẹ́ta lọ.

Ìṣòro tó tóbi jù lọ fún lẹ́tà tó ti Nàìjíríà wá ni ìfura. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ti di orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe jìbìtì, ìjọba sì tún ṣe òfin mìíràn lórí irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ ní 2006. Ẹni tó jókòó sí ilé ìkẹ́rùsí ní Lọ́ńdọ̀nù, kódà bí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, ti rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n a kí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, wọ́n a sọ pé òwò ńlá kan wà, wọ́n a ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n a sì ní kó tètè dáhùn. Lẹ́tà olóòótọ́ tó bá lo ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí yóò lọ síbi tí ti onígbájúẹ̀ ń lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àkọlé ímeèlì náà jẹ́ «Àbá Òwò» tàbí «Àǹfààní Ńlá». Ó yẹ kí àkọlé náà dárúkọ ọjà, ìlú àti ohun tí a fẹ́ béèrè, kó sì mọ síbẹ̀.

Ibi tí lẹ́tà ti wá náà ní ìtumọ̀. Àdírẹ́sì tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ nínú kò wọ́n púpọ̀ lọ́dún, ó sì sàn ju èyí tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tuntun tí a kò tò dáadáa lè mú kí ímeèlì lọ tààrà sínú àpótí àwọn lẹ́tà tí wọ́n fura sí, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i. Láti oṣù kejì 2024 ni Google ti ní kí ẹni tó bá ń kọ̀wé sí Gmail ní ó kéré tán ọ̀kan nínú ẹ̀rí méjì tí wọ́n ń pè ní SPF àti DKIM, tó ń fi hàn pé ẹni tó ni àdírẹ́sì náà ló kọ̀wé lóòótọ́. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà mọ̀ kò le: kó kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí Gmail tirẹ̀, kó ṣí i, kó tẹ `Show original`, kó wo bóyá `PASS` wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ SPF. Bí `FAIL` bá wà níbẹ̀, kó pe ẹni tó ta àdírẹ́sì fún un kó tó kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù.

Òfin tún wà lórí ẹni tí a lè kọ̀wé sí. Òfin Bìrìtìkó ti 2003 lórí ìkọ̀wé tó ń polówó gbà pé kí èèyàn kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ láìkọ́kọ́ gba àyè, bí ó bá ti sọ ẹni tó jẹ́, tó sì fi àdírẹ́sì tí wọ́n lè fi dá a dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ṣe láìforúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan ni òfin yẹn fi ń wò ó, ó sì yẹ kí a ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ìbátan tó ya fọ́tò bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú ló bójú mu.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá ti wà ní ìkáwọ́, ímeèlì náà kò ní gùn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí:

Àkọlé: Ẹ̀lùbọ́ iṣu láti Ṣakí: ìbéèrè nípa dídì í sí àpò ní Lọ́ńdọ̀nù.

«Ìyáàfin Olùdarí, ẹ kú iṣẹ́. A rí i lẹ́yìn àpò ẹ̀lùbọ́ oníkílò kan ààbọ̀ tí ẹ ń pín ní Peckham pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń dì í wá, àti pé ẹ̀yin lẹ kó o wọlé.

«Ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe gbodo, ó sì ń lọ̀ ọ́ ní Ṣakí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, tọ́ọ̀nù mẹ́jọ la máa ń lọ̀ lóṣù. A ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC àti lọ́dọ̀ NEPC. Nọ́ńbà méjèèjì wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí.

«À ń rò ó bóyá ilé-iṣẹ́ yín àti tiwa lè jọ dá òwò kan sílẹ̀ tí yóò máa gba ẹ̀lùbọ́ nínú àpò ńlá, tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì máa dì í ní Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ orúkọ tí a jọ ni. Àwa la máa mú ẹ̀lùbọ́ àti owó àyẹ̀wò wá; ẹ̀yin lẹ ní ilé ìkẹ́rùsí, ẹ̀yin lẹ sì mọ àwọn oníṣọ́ọ̀bù. A kò tíì mọ̀ bóyá èrè máa kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ òkun. Apá tí ẹ mọ̀ nìyẹn, àwa kò mọ̀ ọ́n.

«Ṣé a lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ogún ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun 14 tàbí Ọjọ́bọ̀ 16 oṣù kìíní, láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù? Ìpinnu kankan kò ní wáyé lọ́jọ́ náà, lẹ́tà yìí kò sì de ẹ̀gbẹ́ kankan. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lọ̀rọ̀ náà kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ẹni tó yẹ ká kọ ọ́ sí fún wa.»

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ipò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé ìlọ̀lùbọ́, àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ méjèèjì yóò wá. Kò sí fáìlì kankan tí a so mọ́ ọn. Fáìlì láti ọwọ́ àjèjì, ẹni tó bá gbọ́n kì í ṣí i.

Nínú lẹ́tà yìí, «tọ́ọ̀nù mẹ́jọ lóṣù» ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Àwọn akójàwọlé mọ̀ pé inú kọ́ńténà kékeré, èyí tó gùn tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kúbíkì 33. Lójú ẹsẹ̀ ni olùdarí náà yóò ti mọ̀ pé iṣẹ́ oṣù kan kò lè kún un, àti pé kì í ṣe ẹni tó ń fọ́nnu ló kọ lẹ́tà sí òun. Bí oníṣòwò náà bá kọ «a lè fún yín ní iyekíye tí ẹ bá fẹ́», bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń kọ, ohun tí olùdarí máa gbọ́ ni pé ẹni náà kò mọ iye tí òun ń lọ̀.

Gbólóhùn tó gbà pé a kò mọ̀ bóyá èrè máa kù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó fi ìdí tí wọ́n fi nílò ẹnìkejì hàn láìpọ́n ọn lé. Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo ìṣirò tán, tó sì ti pín ìpín, ìdajì fún yín, ìdajì fún wa, ti sọ ẹni tó ń kọ̀wé sí di ẹni tí wọ́n kàn fẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé. Ìpín kì í wọ ímeèlì àkọ́kọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó tíì mọ iye tí ohun tí oníkálukú mú wá tó.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìkíni, ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti máa ń ṣìnà nígbà tó bá rí i pé orúkọ olùdarí náà jọ ti ilé. Kí ó má pè é ní «Àǹtí mi», kí ó má sì bi í léèrè ìlú bàbá rẹ̀. Ìyẹn ń bọ̀ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ó máa ń jọ ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ gba ohun tí òwò kò lè gbà fún un.

Ohun tó kù ni ìgbésẹ̀ kékeré náà, orí rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ìgbésẹ̀ tó bá tóbi jù máa ń pa lẹ́tà tó dára. Bí oníṣòwò Ṣakí bá ní kí olùdarí wá wo ilé ìlọ̀lùbọ́, ó ti béèrè owó bàálù àti físà. Bí ó bá ní kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìpamọ́ àṣírí kó tó gbọ́ nǹkan kan, ó ti ní kó lọ sanwó fún lọ́yà nítorí ohun tí kò tíì mọ̀. Bí ó bá fi àdàkọ ìwé àjùmọ̀ṣe ránṣẹ́, dandan ni kí olùdarí gbé e lọ síwájú àwọn olùdarí yòókù, lẹ́tà tó bá sì ti dé tábìlì ìpàdé láìní ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń kú síbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lórí fóònù kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni oníṣòwò náà fi lọ olùdarí. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin máa ń sọ pé òun máa rò ó, kò sì ní rò ó mọ́.

Ọjọ́ àti wákàtí tó dárúkọ tún mú kí ìdáhùn rọrùn: «Ọjọ́bọ̀ dára» tó. Kí ẹni tó kọ ọ́ kàn kíyè sí aago. Ní oṣù kìíní, bí aago Lọ́ńdọ̀nù bá lu mẹ́wàá, tiwa ti lu mọ́kànlá; láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n a sún tiwọn síwájú, méjèèjì a sì bára mu. Ẹni tó bá pe ẹni tí kò mọ̀ rí ní wákàtí kan ṣáájú tàbí lẹ́yìn àdéhùn ti fi ohun tí kò dára ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn tó ní lẹ́tà náà kò de ẹ̀gbẹ́ kankan wà níbẹ̀ nítorí òfin. Àdéhùn kò nílò bébà kó tó fìdí múlẹ̀. Bí àbá inú ímeèlì bá yanjú tán, tí ẹnìkejì sì dáhùn pé òun gbà, lọ́yà lè sọ pé àdéhùn ti wà. Fún ìdí mìíràn ni orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó ń ta iṣu fún un, iye tó ń rà á, àti bí ó ṣe ń mú kí ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ ní àwọ̀ tó ní, kò fi wà nínú lẹ́tà. Ìdí náà ni pé ẹni tó gbà á kò ṣe ìlérí ìpamọ́ àṣírí kankan.

Bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá bá kọjá láìsí èsì, ímeèlì kejì bójú mu, lábẹ́ lẹ́tà ti tẹ́lẹ̀, kí àkọlé má yí padà. Gbólóhùn méjì ti tó: ọjọ́ tuntun kan, àti pé bí kò bá rí èsì, òun kò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Kó sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Bí èsì bá dé, kì í ṣe gbogbo èsì ló ń múni láyọ̀. Àwọn onígbájúẹ̀ náà máa ń fara wé ilé-iṣẹ́ Bìrìtìkó láti jẹ àwọn tó ń kó ọjà ránṣẹ́ láti Áfíríkà. Àmì wọn ni pé àdírẹ́sì tó dáhùn yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a kọ̀wé sí, tí wọ́n gba gbogbo nǹkan láìbéèrè ìbéèrè kan, tí owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí owó lọ́yà sì wọ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bára wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà fóònù tó wà lára àpò ẹ̀lùbọ́ tàbí lójú òpó ilé-iṣẹ́ náà ni kó pè láti mọ òótọ́, kì í ṣe èyí tó wà nínú èsì.

Ilé-iṣẹ́ gidi máa ń béèrè ìbéèrè tó le. Nípa ẹ̀lùbọ́, èyí tó máa kọ́kọ́ jáde ni ti kòkòrò àti oògùn apakòkòrò. Àwọn akójàwọlé kò tíì gbàgbé 2015, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí Bìrìtìkó ṣì wà nínú rẹ̀, dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Bí oníṣòwò Ṣakí bá ti ní èsì àyẹ̀wò láti yàrá àyẹ̀wò kan, kó mú un dání nígbà ìpè, kó sì fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá béèrè. Bí kò bá ní i, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó sì sọ ọjọ́ tí èsì máa jáde.

Bí ìpè náà bá lọ dáadáa, ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò yẹ kó tóbi púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: kílò díẹ̀ láti orí ìlọ̀ kan náà, tí wọ́n kọ ọjọ́ ìlọ̀ sí lára, tí wọ́n sì gbé gba ọ̀dọ̀ akẹ́rùránṣẹ́ kan, kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fi ro àmàlà, kí wọ́n sì fi apá kan pa mọ́ fún oṣù kan láti wo bóyá kòkòrò máa yọ. Kí oníṣòwò náà béèrè lọ́wọ́ akẹ́rùránṣẹ́ àti lọ́wọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ìwé tí aṣọ́bodè ibẹ̀ máa fẹ́ rí, kó tó di ẹrù. Ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ òwò tuntun, ẹni tó máa ni orúkọ ọjà, àti bí wọ́n ṣe máa sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 28 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í di oúnjẹ, yóò wáyé lẹ́yìn tí èsì oṣù kan yẹn bá dé, pẹ̀lú lọ́yà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.